Ilé-iṣẹ́ Gàrí Tí Ìṣirò Kọ́kọ́ Kọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ gàrí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lọ pákí, èyí tí ń fún omi rẹ̀, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, àti ilé tí gbogbo rẹ̀ yóò wà, mílíọ̀nù náírà 40 ni wọn yóò gbà lónìí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ni bóyá àwọn alágbàtà Èkó àti Ìbàdàn yóò máa rà á. Ọdún kan ni wọn yóò fi mọ̀. Bí ọjà bá yá, èrè tí ilé-iṣẹ́ náà yóò máa mú wọlé láti ìgbà náà lọ yóò tó mílíọ̀nù 72 lójú owó ọdún yẹn. Bí kò bá yá, mílíọ̀nù 12 péré ni. Wọ́n ní kí á ka méjèèjì sí ọgbọọgba.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ rọrùn. Ẹ ro 72 pọ̀ mọ́ 12, ẹ pín in sí méjì, ó di 42. Ṣùgbọ́n owó ọdún tó ń bọ̀ kò tó owó ọwọ́ òní. Bí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá yẹ kó mú èrè ìdá 20 nínú 100 wá lọ́dún, a ó fi 1.2 pín 42, yóò ku 35. Mílíọ̀nù 40 ni wọn yóò ná, nítorí náà wọ́n ti pàdánù mílíọ̀nù 5. Ẹ má dá a sílẹ̀, ni ìṣirò wí.

Ìṣirò yẹn gbàgbé nǹkan kan: ó ṣe bí ẹni pé àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ yóò kawọ́ lẹ́rán lẹ́yìn ọdún kan, kí ọjà yá tàbí kó má yá. Ta ni í ṣe bẹ́ẹ̀? Ní 1977, Stewart Myers, onímọ̀ ètò ìnáwó ní Amẹ́ríkà, fún àǹfààní àti yí ìpinnu padà yìí lórúkọ, ó sì fi hàn pé òun náà ní iye tí à ń ṣírò.

Igi ìpinnu la fi ń ṣe é. Láti apá òsì, ẹ ya ilà lọ sí ọ̀tún. Níbi tí ọwọ́ wa ti lè yàn, a ó ya àpótí onígun mẹ́rin. Níbi tó jẹ́ pé ọjà ló máa pinnu, a ó ya òbìrí. Àpótí kan wà lónìí: ká dá a sílẹ̀ tàbí ká má dá a sílẹ̀. Òbìrí ọjà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, àwọn àpótí wọ̀nyí sì ni ìṣirò àkọ́kọ́ kò ní. Láti ìparí là ń ṣírò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀ka tí ọjà kò yá. Bí wọ́n bá ń bá iṣẹ́ lọ, mílíọ̀nù 12 ni. Bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ àti ilé, kí wọ́n kógbá sílé, wọ́n lè rí 24. Wọn yóò ta á. Ẹ̀ka náà di 24. Ní ẹ̀ka tí ọjà yá, wọ́n lè ná mílíọ̀nù 30 sí i láti fẹ ilé-iṣẹ́ náà, kí èyí sì mú 54 mìíràn wá: èrè 24 lórí 72, ó di 96. Ní báyìí, 96 àti 24 pín sí méjì jẹ́ 60, fi 1.2 pín in, ó di 50. Yọ 40 kúrò, èrè mílíọ̀nù 10 ló kù. Iṣẹ́ kan náà ni, ọjà kan náà ni.

Bí ẹ bá tú u wò, àǹfààní àti kógbá sílé níye lórí tó mílíọ̀nù 5, ti àti fẹ̀ ẹ́ tó 10. Ibí yìí ni ìṣirò ti wúlò jù lójú mi. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn bá ń béèrè mílíọ̀nù 3 lónìí, tí kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n lè fẹ̀ sí, ó yẹ kí wọ́n rà á. Bó bá ní 12 lòun ń gbà, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ẹ sì tún lè béèrè pé báwo ni ìrètí ọjà ṣe lè kéré tó kí iṣẹ́ náà má baà mú àdánù wá. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni: ibẹ̀ ni èrè àti ìnáwó ti bára dọ́gba.

Ṣùgbọ́n 24 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí ẹnìkan yóò san ní tòótọ́. Ìgbà tí ọjà gàrí bá dẹnu kọlẹ̀, ẹlòmíràn náà yóò máa ta ẹ̀rọ tirẹ̀, iye rẹ̀ á sì já. Bó bá já sí 12, àǹfààní àti kógbá sílé kò tó kọ́bọ̀ mọ́. Ohun kan tún wà tí igi yìí kò yanjú: lílo ìdá 20 kan náà jákèjádò, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó lè kógbá sílé kò sí nínú ewu kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà mìíràn fún ìyẹn. Fún ẹgbẹ́ tó ń ronú lórí ilé-iṣẹ́ gàrí, kí wọ́n dán 18 àti 25 wò, kí wọ́n rí i bóyá ìpinnu wọn á yí padà.

Èyí tó sì máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé àkókò àti tà á á dé, àwọn olórí ẹgbẹ́ á máa wo mílíọ̀nù 40 tó ti lọ, wọn kò ní lè fi í sílẹ̀. Nígbà náà, 24 inú igi di 12 ní ayé. Nítorí náà, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé: àpò gàrí mélòó lóṣù ni kí wọ́n ti rò ó pé ọjà kò yá, oṣù wo ni wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àti ta ni yóò fọwọ́ sí títà rẹ̀.