Ta Ló Ti Sanwó, Ta Ni Kò Tíì San? Bí Ọlọ́jà Ṣe Lè Tọ́jú Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Lórí Wọ́sáàpù

Oníbàárà tó bá béèrè iye ọjà lórí Wọ́sáàpù láàárọ̀, tí kò sì rí èsì títí di ìrọ̀lẹ́, kì í padà wá ṣàlàyé ìdí tó fi lọ ra tiẹ̀ níbòmíì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kàn máa lọ sísàlẹ̀ lójú fóònù ọlọ́jà, bí ìkíni ẹbí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò àti ìbéèrè àwọn oníbàárà mìíràn ṣe ń gorí ara wọn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti wọlẹ̀ pátápátá. Mo gbà pé owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà wa báyìí pọ̀, torí ọjà náà wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Wọ́sáàpù gbé ápù ọ̀fẹ́ kan jáde fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. WhatsApp Business lorúkọ rẹ̀. Ó jọ Wọ́sáàpù tí gbogbo wa ń lò, àmọ́ ó ní àwọn irinṣẹ́ ọjà tí tiwa kò ní, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Business tools sí. Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò: Quick replies, ìyẹn èsì tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, Away message, tó ń bá wa dáhùn nígbà tí a ò sí nítòsí, àti Labels, àmì aláwọ̀ tí a ń fi sára ọ̀rọ̀ oníbàárà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà kan kò lè wà lórí Wọ́sáàpù lásán àti WhatsApp Business lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ya síìmù kan sọ́tọ̀ fún ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àdìrẹ ló ń tà, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Láràárọ̀ ló ń gbé àwòrán aṣọ tuntun síta, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo èèyàn ń béèrè: èló ni, báwo ni ẹ ṣe ń fi ránṣẹ́, ákántì wo ni ká san án sí? Tó bá ń fi ọwọ́ tẹ èsì wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹlòmíì tún dúró níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń ná aṣọ, ó dájú pé á gbàgbé ẹnì kan.

Inú Quick replies ni á kọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀, á kọ èsì náà lẹ́ẹ̀kan, á sì fún un ní orúkọ kékeré tí yóò máa fi pè é. Ká ní ó fún èsì iye owó ní orúkọ `/iye`, ti ákántì ní `/akanti`, ti ìfiránṣẹ́ ní `/ranse`. Ó dáa kó má fi àmì ohùn sí orúkọ wọ̀nyí, kí ọwọ́ lè yá. Bí oníbàárà bá ti béèrè, á tẹ ìlà dídagun náà, àwọn èsì tó ti kọ á jáde, á mú èyí tó fẹ́. Kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Inú àpótí tí a ti ń kọ̀wé ló máa ń bọ́ sí, tí ìyá yìí á fi lè fi orúkọ oníbàárà kún un tàbí kó yọ ohun tí kò bá a mu. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fo ibẹ̀ yẹn. Èsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí Ìbejì” yàtọ̀ gédégédé sí èyí tó dà bíi pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀.

Àádọ́ta irú èsì bẹ́ẹ̀ ni ápù náà gbà, ṣùgbọ́n èmi ò rí ohun tí ìyá aláṣọ fẹ́ fi àádọ́ta ṣe. Mẹ́fà tàbí méje ti tó, kí ó sì fara balẹ̀ kọ wọ́n. Èyí tó jẹ́ ti iye owó lè lọ báyìí: “Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Yáàdì márùn-ún ni a ń tà pọ̀, ₦15,000 ni. Ibo ni ẹ fẹ́ ká bá yín fi ránṣẹ́ sí?” Ẹ wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí oníbàárà tún sọ̀rọ̀. Bí iye owó bá dá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ á kà á, wọ́n á sì dákẹ́.

Iye owó ló sì máa ń da irinṣẹ́ yìí rú jù. Owó aṣọ funfun àti ti aró kì í dúró sójú kan, iye tí ìyá yìí kọ lóṣù tó kọjá lè máà pa á lérè mọ́ lónìí. Tó bá kọ ₦15,000 yẹn sínú èsì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á tún méjì ṣe, á gbàgbé méjì, oníbàárà á sì fi èyí tó rẹlẹ̀ han án pé òun ló sọ ọ́. Ibì kan ṣoṣo ni kí iye owó wà, nínú `/iye`. Bákan náà ni nọ́ńbà ákántì. Kó má sì kọ ọ́ sínú èsì kankan pé “aṣọ yìí ṣì wà nílẹ̀.” Kó lọ wo igbá aṣọ kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyẹn.

Ilẹ̀ ṣú, ìyá aláṣọ ti ilé. Ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ń gbé ní Houston ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí àwòrán aṣọ, ó ń wá ti ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Bí aago bá lu mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, aago méjì tàbí mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ tiwa. Away message ló lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Ìyá yìí lè ní kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, tàbí láàárín wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ yàn, tàbí kí ó yan Outside of business hours, kí ó máa dáhùn lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù bá ti padé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá tíì kọ wákàtí tó ń ṣí àti èyí tó ń tì sínú ojú ìwé ọjà rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí èsì yìí tó lè lọ. Ẹni tó bá ń pa dátà rẹ̀ lálaalẹ́ kó má baà tán, tàbí tí bátìrì fóònù rẹ̀ kú nítorí àìsí iná, kò sí èsì tó máa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde lóru yẹn, bó ti wù kí ó kọ ọ́ dáa tó. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ni pé kí ó fi nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣọ́ọ̀bù, kó sì wò ó bóyá èsì á dé.

Kí ó tún yẹ àwọn tí èsì náà ń lọ bá wò. Bó bá yan Everyone not in address book, àwọn tí kò tọ́jú orúkọ wọn nìkan ló ń rí i. Ìyẹn á gba ẹbí là lọ́wọ́ èsì ọjà, àmọ́ àwọn oníbàárà àtijọ́ tó ti tọ́jú nọ́ńbà wọn náà kò ní rí nǹkan kan. Everyone except... ló sàn fún ẹni tó ń lo nọ́ńbà kan fún ilé àti ọjà: á kàn yọ àwọn ẹbí kúrò. Ní ti ọ̀rọ̀ tí yóò kọ, kí ó sọ àkókò. “A ó dá yín lóhùn láìpẹ́” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. “Ẹ kú àárọ̀ tàbí alẹ́ o. A ti ti ṣọ́ọ̀bù. A ó dá yín lóhùn kí aago mẹ́wàá àárọ̀ Nàìjíríà tó lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán aṣọ tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ iye yáàdì.” Bó bá fi máa jí, ohun tó nílò ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá tó dá yẹn, kó pa á mọ́.

Àmì Labels ni mo ka sí pàtàkì jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni àwọn ọlọ́jà ń lò kéré jù. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, a lè fi àmì sí i. Oníbàárà kì í rí i. Ogún àmì la lè ní. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi: New customer fún oníbàárà tuntun, New order fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí a bá òun mú ọjà, Pending payment fún ẹni tí a ń retí owó rẹ̀, Paid fún ẹni tó ti san, àti Order complete fún ẹni tí ọjà ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi tẹ̀ lé oníbàárà kan láti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú aṣọ méjì; ìyá fi New order sí i. Ó fi `/akanti` ránṣẹ́ sí i, ó yọ àmì ti tẹ́lẹ̀, ó fi Pending payment sí i. Lọ́sàn-án, oníbàárà fi àwòrán alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pé òun ti san án. Ibí yìí ni kí ìyá ti ṣọ́ra gidi, torí ayédèrú alẹ́ẹ̀tì pọ̀ nígboro. Àwòrán kì í ṣe owó. Àmì kò ní yí padà títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi ṣí ápù bánkì rẹ̀, tí á rí i pé owó ti wọlé. Ìgbà náà ló tó di Paid. Bó ṣe ń ṣe èyí fún gbogbo oníbàárà, tó bá ṣí Paid láràárọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ni ẹrù wọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dì í fún wọn. Èmi yóò tún gbà á níyànjú kó ṣẹ̀dá àmì tirẹ̀ kan, “Ó ti lọ gáréèjì,” fún ẹrù tí wọ́n ti ṣe wébíìlì rẹ̀ àmọ́ tí kò tíì dé. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ọlọ́jà àti oníbàárà ló ń bẹ̀rẹ̀ láàárín gáréèjì méjì.

Àmì kì í fúnra rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ kan lè gbé àmì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí ìyá bá ń fi tuntun sí i láì yọ ti àtijọ́, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan náà á fi wà lábẹ́ Pending payment àti Paid. Bó bá ti rí ẹni tó sanwó ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n ń retí owó wọn, kó mọ̀ pé àmì òun ti dàrú. Bí oníbàárà kan bá sì ní ọjà méjì lọ́wọ́, tó san ọ̀kan tó jẹ èkejì, kó má fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ó lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, kí ó fi àmì sí ìyẹn nìkan.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kí èsì àkọsílẹ̀ dé rárá. Ká ní oníbàárà kọ̀wé pé: “Mà, mo fọ aṣọ yín, aró rẹ̀ ti ba búláòsì funfun mi jẹ́.” Ìyá aláṣọ ní `/fo` tó ti kọ sílẹ̀, pé omi tútù ni kí a fi fọ àdìrẹ, kí a sì dá a fọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ tó bá fi í ránṣẹ́ nígbà yẹn, ohun tí oníbàárà á gbọ́ ni pé òun ló jẹ̀bi. Ìgbà tí aṣọ ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni `/fo` yẹ kó lọ. Ní báyìí, kó fi àmì “Àròyé” sí i, kó pè é lórí fóònù, kó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ohun tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí, yálà aṣọ tuntun tàbí ìdínkù owó, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kí ó lè wà nílẹ̀. Kó sì fi àmì náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí tó fi máa ṣe ohun tó ṣèlérí.