Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù Wa: Ṣé Òṣìṣẹ́ Ni Tàbí Agbaṣẹ́ṣe?

Àwọn kan nínú wa gbà pé bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé "agbaṣẹ́ṣe" ni ọmọ tó ń bá wa tajà, a ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. A fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣe ni òfin ń wò, kì í ṣe orúkọ.

Ẹ wo aláàárù tó ń já àpò gàrí lára ọkọ̀ ní ọjà wa. Iye àpò tó bá gbé la fi ń sanwó fún un. Bárò tirẹ̀ ló ń tì. Tó bá ṣe tiwa tán, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó lè rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Agbaṣẹ́ṣe nìyẹn.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́? Àwa la sọ pé aago méje ni kó ṣílẹ̀kùn. Àwa la sọ iye tí yóò tà á. Àwa la ni kóńgò àti ọjà. Owó oṣù ló ń gbà, kò sì lè rán àbúrò rẹ̀ wá rọ́pò ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni.

Irú àmì wọ̀nyí ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yẹ̀ wò ní ọdún 2008, nínú ẹjọ́ Shena àti Afropak. Shena ló ń kó ọlọ́dẹ fún Afropak. Nígbà tí Afropak dá iṣẹ́ náà dúró, Shena fẹ́ jẹ àǹfààní òṣìṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní agbaṣẹ́ṣe ni Shena, Òfin Iṣẹ́ kò dáàbò bò ó.

Ká ní ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan ti lo ọdún mẹ́ta, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ náírà 40,000. Ọ̀rọ̀ dìjà, ọ̀gá ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí "agbaṣẹ́ṣe ni, mi ò jẹ ẹ́ ní nǹkan." Òfin Iṣẹ́ ní ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá sí ìkìlọ̀, owó ọ̀sẹ̀ méjì náà, tó bí náírà 20,000, wà lọ́rùn ọ̀gá. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún pẹ̀lú owó tún wà níbẹ̀. Bí ó bá sì fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn òṣìṣẹ́ kàn án, a kò lè fi ìwé "agbaṣẹ́ṣe" sá fún un.

Ọmọ ẹbí ọ̀gá wà lára àwọn tí Òfin Iṣẹ́ yìí yọ sẹ́yìn nínú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí la óò ṣe? Láàárín oṣù mẹ́ta tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé àti iye ìkìlọ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fún un ní tirẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọjà á tà o.