Nọ́ńbà 4 Tí Kò Wọlé

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń múra ìdánwò WAEC, tí mo máa ń kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù.

“Ẹ káalẹ́, sà. Mo ti ka sẹ́ẹ̀lì tán.”

“Tíṣà wa ní ká yà á, ká kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe nọ́ńbà 4 yìí. Ó ti sú mi.”

Àwòrán ló fi tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àwòrán náà kọ̀, kò ṣí. Ilẹ̀ ti ṣú, n kò sì fẹ́ kó sùn láìrí ìdáhùn. Sẹ́ẹ̀lì, yíyà, orúkọ ẹ̀yà: mo ní Bàólójì ni. Mo jókòó, mo kọ̀wé gùn-ún nípa sẹ́ẹ̀lì ewéko àti ti ẹranko: pé ti ewéko ní ògiri, ti ẹranko kò ní. Ó dúpẹ́, ó sì dà á kọ sínú ìwé rẹ̀.

Físíìsì ni ìbéèrè náà. Sẹ́ẹ̀lì inú tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wí. Ìyẹn náà ṣeé yà, ó ní ọ̀pá kábọ̀n láàárín àti agolo síńkì lẹ́yìn, a sì ń kọ orúkọ wọn sí i. Ohun tí wọ́n bi í ni pé: sẹ́ẹ̀lì méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5 V, tí ìdènà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.5 Ω, ni a tò tẹ̀ léra, tí a sì so mọ́ ìdènà 5 Ω. Iná tó ń ṣàn níbẹ̀ ńkọ́? Àpapọ̀ agbára jẹ́ 3 V. Ìdènà inú méjèèjì jẹ́ 1 Ω. A fi kún 5, ó di 6. 3 ÷ 6 = 0.5 A. Ìlà mẹ́ta péré ni ìdáhùn tí mo fi odidi ojú ewé kan bò mọ́lẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi kò bá ìbéèrè mu. Ó ní ó rò pé òun ni kò yé, torí pé tíṣà ló kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu náà wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i pé a ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í béèrè. Ìdáhùn mi tọ̀nà ní Bàólójì, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ tí ìbá ta ọmọ náà lólobó.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú bá tọ́ka sí iṣẹ́ kan, mo máa ń wá iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ kan náà lè bá mu. “Bẹ́ẹ̀sì” wà ní Mátíìsì, ó wà ní Kẹ́mísírì, ó tún wà ní Bàólójì. Bí mo bá rí iṣẹ́ kejì, a jẹ́ pé n kò tíì mọ̀. Ohun tó ṣeé gbára lé jù ni àmì ìwọ̀n: bí ọmọ náà bá ti dárúkọ Ω, iyèméjì ìbá ti tán. Ọ̀rọ̀ àná kò tó ẹ̀rí, nítorí iṣẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni akẹ́kọ̀ọ́ WAEC ń ṣe, ó sì lè ti Bàólójì bọ́ sí Físíìsì kó tó fi ọ̀rọ̀ kejì ránṣẹ́.

Nọ́ńbà ìbéèrè pàápàá lè tanni. Ní JAMB òde òní, Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ní “nọ́ńbà 47”, ó yẹ kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ yòókù ń ní 50, nọ́ńbà 47 lè jẹ́ ti iṣẹ́ èyíkéyìí.

Ká tilẹ̀ ní mo mọ̀ pé Físíìsì ni, n kò tíì rí 1.5, n kò tíì rí 5. Orúkọ iṣẹ́ kì í ṣe ìbéèrè. Nítorí náà, àbá tí mo bá dá, inú ohun tí mo fẹ́ béèrè ni mo ń lò ó, n kì í fi í dáhùn. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ohun tí mo ń kọ kò ju èyí lọ: “Àwòrán rẹ kò ṣí. Ṣé sẹ́ẹ̀lì ara ohun alààyè ni, àbí ti iná? Bá mi tẹ ìbéèrè náà látòkè délẹ̀, má yọ nọ́ńbà tàbí àmì kankan sílẹ̀.”

Ìṣẹ́jú méjì ni ìyẹn ń gbà. Ọmọbìnrin yẹn ti fi ọjọ́ méjì ka ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko kó tó mọ̀ pé iná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bi òun.