Má Ṣe Da Iyọ̀ Ìlọ́po Méjì Sọ́bẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ẹni tó ti ń se ọbẹ̀ ata tó dùn láti ọdún pípẹ́ lè rí i pé ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ gan-an ni iyọ̀ ọbẹ̀ òun máa ń pọ̀ jù. Ata tó máa ń lò náà ló lò, òróró kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló sì fi sè é. Ohun tó yí padà ni pé ó sọ gbogbo èròjà di ìlọ́po méjì, iyọ̀ àti máàgì pẹ̀lú. Ìṣirò yẹn tọ̀nà kí ó tó gbé ìkòkò kaná. Orí iná ló ti ń yẹ̀, nítorí ẹnu ìkòkò kì í fẹjú ní ìlọ́po méjì torí pé a fẹ́ bọ́ ènìyàn púpọ̀, iná kì í lágbára ní ìlọ́po méjì, àkókò tí ọbẹ̀ sì máa lò lórí iná kì í bá ìṣirò wa lọ. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ló ń pinnu bí iyọ̀, ata àti èròjà olóòórùn ṣe máa dé ẹnu.

Omi ń lọ, iyọ̀ ń dúró

Nígbà tí ọbẹ̀ bá ń hó, omi inú rẹ̀ ló ń gbẹ. Iyọ̀ kì í bá omi lọ. Gbogbo iyọ̀ tí a dà sínú ìkòkò ní ìbẹ̀rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ dé òpin, bí ọbẹ̀ bá sì ṣe ń fà ni adùn iyọ̀ náà ń mú sí i. Nítorí náà, ìwọ̀n ọbẹ̀ tó máa kù nígbà tí a bá sọ ìkòkò kalẹ̀ ló yẹ kí a fi wọn iyọ̀. Ìwọ̀n ohun tí a kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò kò lè sọ ọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò kan. Ká ní ata lílọ̀ àti omi ẹran lítà mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀. Ó hó fún ogójì ìṣẹ́jú, lítà kan gbẹ, ó ku lítà méjì ọbẹ̀ tó ki dáadáa. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ṣíbí tíì mẹ́ta tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ṣíbí kan irú iyọ̀ kúnná bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan bíi gíráàmù 6, nítorí náà gíráàmù 18 ló wà nínú lítà méjì, ìyẹn gíráàmù 9 nínú lítà kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa sọ pé iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé.

Ní ọjọ́ kejì, a fẹ́ sè é fún ènìyàn ìlọ́po méjì. A da lítà mẹ́fà sínú ìkòkò tó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹjú jù ú lọ. A fi ṣíbí iyọ̀ mẹ́fà sí i. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, a kà á ní ogójì ìṣẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nítorí pé orí ọbẹ̀ ni omi ti ń gbẹ, tí iná náà kò sì yí padà, nǹkan bíi lítà kan náà ló máa gbẹ. Ó ku lítà márùn-ún. Gíráàmù 36 nínú lítà márùn-ún jẹ́ gíráàmù 7 ó lé díẹ̀ nínú lítà kan. Alásè bá tọ́ ọ wò, ó rí i pé ọbẹ̀ náà tẹ́, ó fi ṣíbí méjì kún un. Ó tún wò ó, iyọ̀ rẹ̀ ti pé.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà ṣì ń ṣàn. Kò tíì ki bí ọbẹ̀ ata ṣe yẹ kó rí, òróró rẹ̀ kò sì tíì léfòó sókè. Alásè fi í sílẹ̀ lórí iná títí lítà kan mìíràn fi gbẹ. Ní báyìí, gíráàmù 48 ti wà nínú lítà mẹ́rin, ìyẹn gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti ilé lọ, kò sì sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Bí alásè náà bá ti dúró kí ọbẹ̀ fà dé lítà mẹ́rin kó tó fi ohunkóhun kún un, ṣíbí mẹ́fà àkọ́kọ́ ì bá ti tó, nítorí gíráàmù 36 nínú lítà mẹ́rin jẹ́ gíráàmù 9 gẹ́lẹ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ó tọ́ ọbẹ̀ wò nígbà tó ṣì lómi, ó sì fi iyọ̀ tún un ṣe fún ìkòkò tí kò tíì parí.

Iyọ̀ tí a kò kà mọ́ iyọ̀

Ìṣirò òkè yìí rọrùn nítorí pé inú ṣíbí ni gbogbo iyọ̀ rẹ̀ ti wá. Nínú ọbẹ̀ gidi, ibi púpọ̀ ni iyọ̀ ti ń wọlé. Nǹkan bí ìlàjì máàgì ló jẹ́ iyọ̀. Bí hóró kan bá wọn gíráàmù 4, hóró mẹ́wàá máa kó nǹkan bíi gíráàmù 20 iyọ̀ wọnú ìkòkò, ìyẹn sì ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó sọ máàgì di ìlọ́po méjì, tó tún sọ iyọ̀ di ìlọ́po méjì, ní láti ka méjèèjì pọ̀ kó tó mọ iye iyọ̀ tó lò.

Omi ẹran tún wà níbẹ̀. Ẹran máa ń tú omi ara rẹ̀ sílẹ̀ bí a bá ń bọ̀ ọ́, nítorí náà a kì í bu omi ìlọ́po méjì sí ẹran ìlọ́po méjì. Ìkòkò á kún, omi díẹ̀ á sì bo ẹran. Bí a bá wá fi iyọ̀ ìlọ́po méjì bọ ẹran yẹn, omi rẹ̀ máa níyọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, omi yẹn náà la sì máa dà sínú ọbẹ̀. Ó yẹ kí a tọ́ omi ẹran wò kó tó dé inú ata. Bí ó bá ti níyọ̀ tó ọbẹ̀ tó ti parí, a jẹ́ pé ó máa níyọ̀ jù bí ó bá bá ọbẹ̀ fà. Ká bu ìwọ̀nba rẹ̀ nìkan, ká sì fi omi lásán dí àlàfo tó kù.

Ṣíbí fúnra rẹ̀ tún lè tan ni jẹ. Ṣíbí tí iyọ̀ rẹ̀ ga bí òkìtì lè gbà tó ìlọ́po méjì èyí tó tẹ́jú. Bí a bá bu òkìtì kan nínú ìkòkò kékeré, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè má hàn, ṣùgbọ́n òkìtì mẹ́fà yàtọ̀ pátápátá sí ṣíbí mẹ́fà.

Ata rodo kì í ṣe bákan náà

Ohun tó ń ta nínú ata ni kapusaísíìnì, ara awọ funfun tó di irúgbìn mú nínú ata ló sì pọ̀ sí jù. Ó máa ń yọ́ wọnú òróró, kì í sì bá omi gbẹ lọ bí ọbẹ̀ bá ń hó. Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iyọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí títa ata: ọbẹ̀ fà, títa rẹ̀ lé sí i.

Ata tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ọdún 1912, Wilbur Scoville, onímọ̀ egbòogi ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi wọn bí ata ṣe ń ta tó. Lórí ìwọ̀n yẹn, irú ata rodo máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000. Èyí túmọ̀ sí pé rodo kan lè ta ju òmíràn tó jọ ọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó máa ń lo rodo mẹ́rin nílé, tó wá ka mẹ́jọ sínú ata àríyá, kò lè mọ̀ bóyá ìlọ́po méjì títa ló fi sí i tàbí ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó dáa ni kó lọ mẹ́fà mọ́ tàtàṣé àti tòmátò, kó lọ méjì tó kù sọ́tọ̀, kó sì dúró de ìgbà tí ọbẹ̀ bá fà.

Ti èròjà olóòórùn bíi kọ́rì, táìmù, béè líìfù àti kànáfùrù yàtọ̀ díẹ̀. Òórùn wọn máa ń fò lọ pẹ̀lú omi tó ń gbẹ, orí ọbẹ̀ ló sì ti ń jáde. Nínú ìkòkò ńlá tó jinlẹ̀, orí ọbẹ̀ kéré sí ohun tó wà nísàlẹ̀, pàápàá bí a bá dé e, nítorí náà òórùn tó ń ṣòfò kì í tó ti ìkòkò kékeré. Ìkòkò ńlá sì máa ń pẹ́ kó tó hó, ó sì ń pẹ́ lórí iná, èyí tó ń fún béè líìfù àti kànáfùrù láàyè láti tú ohun inú wọn jáde púpọ̀ sí i. Kànáfùrù tó pọ̀ jù máa ń korò, ó sì máa ń bo adùn gbogbo èròjà yòókù mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ alásè fi ń fi ìlọ́po kan àtààbọ̀ bẹ̀rẹ̀: ṣíbí kọ́rì méjì á di mẹ́ta, béè líìfù méjì á di mẹ́ta. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọbẹ̀ máa jinná, wọ́n á tọ́ ọ wò bóyá ó ṣì nílò sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ wọn iyọ̀ ìlọ́po méjì náà sínú àwo kékeré kan kí ẹ tó dáná. Nínú ṣíbí mẹ́fà, ẹ fi mẹ́rin sí ọbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí méjì tó kù wà nínú àwo. Bí ẹ bá máa lo máàgì, ẹ dín iyọ̀ yẹn kù bó ṣe yẹ. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan àwo náà títí ọbẹ̀ á fi ki tó bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà náà, ẹ bu díẹ̀ sínú àwo, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ahọ́n tí oúnjẹ gbígbóná ń jó kì í mọ iyọ̀ dáadáa. Bí ìrẹsì funfun ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́, ìrẹsì ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò.

Ẹ tún bu ife ata lílọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí kò níyọ̀ pamọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, òun nìkan ni oògùn tó dájú. Ọ̀dùnkún tí àwọn kan máa ń jù sínú ọbẹ̀ máa ń fa omi ọbẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀ ni, ọbẹ̀ tó kù kò yí padà. Ìkòkò lítà mẹ́rin tó ní gíráàmù 48 tí a ṣírò lókè nílò nǹkan bíi lítà kan àti ìdámẹ́ta ata tí a ti sè láìníyọ̀ kó tó padà sí gíráàmù 9 nínú lítà kan.

Gbogbo èyí wà fún oúnjẹ tí omi rẹ̀ ń gbẹ, tí a sì lè tọ́ wò títí dé òpin. Mọ́ínmọ́ín tí a pọ́n sínú ewé kì í pàdánù omi púpọ̀, nítorí náà ìlọ́po méjì iyọ̀ bá ìlọ́po méjì ẹ̀wà mu, bí a bá wọ̀n ọ́n dáadáa. Ti búrẹ́dì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: iyọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń dá wíwú ìyẹ̀fun dúró níwọ̀nba, a kò sì lè fi kún un lẹ́yìn tó bá ti wọ ààrò. Bí gíráàmù 20 bá wà fún kílò ìyẹ̀fun kan, 40 ló gbọ́dọ̀ wà fún méjì.

Nígbà tí ọbẹ̀ àríyá bá ti jinná, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye lítà tó kù nínú ìkòkò, iye ṣíbí iyọ̀ àti máàgì tó wọlé, àti iye iyọ̀ tó ṣẹ́kù sínú àwo. Láti ìgbà náà lọ, ìkòkò ńlá yẹn ti ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ kò sì ní máa fi ti ìkòkò kékeré ṣírò rẹ̀ mọ́.