Ìlà Bollinger àti Ìlà Keltner: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjà Tó Fún Pọ̀

Ìlà Bollinger àti ìlà Keltner jọra lórí ṣáàtì débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò wọ́n lè pè wọ́n ní nǹkan kan náà. Ìlà mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan gba àárín iye owó kọjá, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Bí iye owó bá ń fò sókè sódò, ìlà òkè àti tìsàlẹ̀ á jìnnà síra. Bí ara ọjà bá balẹ̀, wọ́n á súnmọ́ra. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n kó tó mọ bí yóò ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi yàtọ̀, ìyàtọ̀ yìí gan-an ló sì mú kí ó wúlò láti gbé ọ̀kan lé èkejì.

Keltner ló kọ́kọ́ dé. Chester Keltner, oníṣòwò ọkà ní Chicago, ló ṣàlàyé tirẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1960. Ó ń wo àlàfo tó wà láàárín iye tó ga jù àti iye tó kéré jù lóòjọ́, ó sì ń fi ìpíndọ́gba àlàfo ọjọ́ mẹ́wàá fẹ ìlà rẹ̀. Ní 1978, J. Welles Wilder, tí kò bá Keltner dá nǹkan pọ̀, gbé ọ̀nà mìíràn jáde láti wọn àlàfo òòjọ́, èyí tó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru mọ́ ọn. Ká ní ọjà tú lánàá ní náírà 100, tí iye kò sì kúrò láàárín 103 sí 105 lónìí. Lójú Wilder, àlàfo òní kì í ṣe náírà 2. Láti 100 tí ọjà fi tú lánàá ni kí a ti kà á, ó di náírà 5. Ìpíndọ́gba àlàfo yìí ni wọ́n ń kọ sí ojú ẹ̀rọ pé ATR. Òun ló rọ́pò àlàfo tí Keltner ń lò látijọ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà fi ń fa ìlà Keltner lónìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni John Bollinger gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Kò ka bí iye ṣe ga tó tàbí bó ṣe lọ sílẹ̀ tó láàárín ọjọ́ sí rárá. Iye tí ọjà fi tú ní ọjọ́ 20 tó kẹ́yìn ló ń kó jọ. Ó ń wá ìpíndọ́gba wọn, ó ń wo bí iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba yẹn, ó ń sọ ìjìnnà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ó ń wá ìpíndọ́gba àwọn ìlọ́po náà, lẹ́yìn èyí ló ń padà wá gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tó bá kù ni ìyapa. Ìlọ́po méjì ìyapa yìí ló ń fi sókè àti sísàlẹ̀ ìpíndọ́gba.

Ẹnì kan lè rìn káàkiri ìlú lọ́sàn-án, kó jẹ́ pé ilé kan náà ló ń sùn lálaalẹ́. Ìrìn ọ̀sán ni Keltner ń wọ̀n, ibi tí wọ́n sùn ni Bollinger ń wọ̀n. Nígbà tí iye owó bá ń rìn lọ sí apá kan lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ń sùn á máa jìnnà síra, ìlà Bollinger á sì fẹ̀ ju ti Keltner lọ. Bí ọjà bá ń lọ tó ń bọ̀ lọ́sàn-án láìkúrò lójú kan, ìyapa á já wálẹ̀ kíákíá nígbà tí àlàfo òòjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìgbà yẹn ni ìlà Bollinger méjèèjì máa ń wọnú ti Keltner. Èyí ni ìfúnpọ̀.

John Carter, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, pàápàá nípasẹ̀ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2005. Ọjọ́ 20 ló fún méjèèjì, ìlọ́po 2 fún ìyapa Bollinger, ìlọ́po 1.5 fún àlàfo Keltner. Bí ìlà àárín méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí a ń béèrè kò ju èyí lọ:

```
2 × SD < 1.5 × ATR
```

SD ni ìyapa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyapa kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àlàfo òòjọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìfúnpọ̀ ń fi hàn pé ọjà dákẹ́ kò tíì sọ ọ́ tán. Ọjà lè máa pariwo gan-an, kí àlàfo rẹ̀ tóbi, kó sì wà nínú ìfúnpọ̀ síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti rí ibì kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpín ìdókòwò kan tí a fọkàn yàwòrán ṣe àpẹẹrẹ. Ìpíndọ́gba iye tí ọjà fi tú ní ọjọ́ 20 jẹ́ náírà 100, ìyapa jẹ́ 1.20, àlàfo òòjọ́ jẹ́ náírà 2. Ìlà Bollinger wà ní 97.60 àti 102.40, ti Keltner wà ní 97 àti 103. Bollinger ti wọnú, ìfúnpọ̀ wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, iye owó gbéra láti 100. Ó rìn láàárín 99.50 àti 105.50, ọjà sì tú ní 105. Ká ní ọjọ́ tó kúrò nínú ìṣirò tú ní 100, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ náírà 2. Ìyapa di 1.62, àlàfo di 2.20. Ìlọ́po méjì ìyapa jẹ́ 3.24, Keltner sì ń fẹ̀ tó 3.30. Ó mà ṣe o! Iye owó ti fò jáde kúrò nínú ìlà méjèèjì, ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé ìfúnpọ̀ wà. Àlàfo ọjọ́ ńlá yẹn ló fẹ Keltner náà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àlàfo jẹ́ náírà 3, ọjà tú ní 106, ọjọ́ tó kúrò sì dà bí ti tẹ́lẹ̀. Bollinger ń fẹ̀ tó 4.09 báyìí, Keltner kò ju 3.38 lọ. Ìfúnpọ̀ tú. Ẹni tó dúró de àmì yìí ti ra ọjà ní ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ìfò gan-an ti ṣẹlẹ̀.

Àmì náà kò sì sọ ibi tí ọjà yóò kọrí sí. Ìdí nìyí tí Carter fi so òdiwọ̀n mìíràn mọ́ ọn láti wo apá tí agbára ìrìn iye owó wà. Bollinger fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé lẹ́yìn tí àwọn ìlà bá ti súnmọ́ra, iye owó máa ń tan ènìyàn jẹ nígbà mìíràn: yóò kọ́kọ́ yọ sí apá kan, kó tó ṣẹ́rí padà gba apá kejì lọ.

Ìlọ́po 1.5 náà kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá fi 2 rọ́pò rẹ̀ yóò rí ìfúnpọ̀ lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì jẹ́ aláìlágbára. Ẹni tó bá lo 1 kò ní rí i ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ètò kọ̀ǹpútà méjì sì lè máà fẹnu kò lórí ṣáàtì kan náà, torí àwọn kan ń fa ìlà àárín Keltner pẹ̀lú ìpíndọ́gba tó ń ka ọjọ́ àìpẹ́ sí ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà náà, àárín méjèèjì kò ní bá ara dọ́gba, ìlà Bollinger kan lè wà nínú kí èkejì wà lóde. Ìlà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wọlé kí a tó kà á.

Ibi tó ti ń ṣini lọ́nà jù ni ìpín tí ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rà. Ní ọjà ìpín ìdókòwò Èkó, àwọn kan wà tí iye wọn ń wà lójú kan fún ọjọ́ púpọ̀ nítorí pé kò sí olùrà tàbí olùtà tó tó. Ìyapa àti àlàfo á jọ máa súnmọ́ òdo, ohun tí ẹ̀rọ bá sì sọ níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Iye ìpín tó ń tà lóòjọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ń jẹ́ òdo léraléra, kí a pa ìlà méjèèjì tì.