Ìdí Tí Èèpo Ẹja Díndín Fi Ń Bó

Bí a bá ń dín ẹja lọ́nà tiwa, iyọ̀ àti ata díẹ̀ ti tó. Bí ẹja bá ṣe wà ló ṣe ń wọ inú òróró, awọ ara rẹ̀ náà ló sì ń di èèpo tó ń dún ní ẹnu. Ẹja tí a yí nínú fùláwà, tí a rì bọ ẹyin, tí a tún fi èérún búrẹ́dì bò, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ti dín in rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ: èèpo á pọ́n, á dára lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀kì kàn án báyìí, á ṣí kúrò lódindi, á ku ẹja funfun níhòòhò nínú àwo. Ẹyin ni ọ̀pọ̀ alásè ń dá lẹ́bi. Wọ́n á fi ẹyin kún ẹyin, èèpo á sì tún bó. Omi ni kí wọ́n wá, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo aago.

Pánlá tútù, èyí tí wọ́n ń kó wọlé nínú yìnyín, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló máa ń fi ìyọnu yìí han ènìyàn jù. Ẹran ara rẹ̀ rọ̀, dídì tó sì dì ti fọ́ ọ nínú, nítorí náà omi á máa sun jáde lára rẹ̀ bó ti ń yọ́. Ẹ mú ìdajì kílò, kí ẹ yọ awọ àti egungun kúrò, kí ẹ gé e sí ègé 6 tó nípọn bí ìbú àtàǹpàkò, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ jẹ́ kó yọ́ tán pátápátá. Ẹja tí àárín rẹ̀ ṣì dì yóò máa da omi sábẹ́ èèpo nígbà tí òróró bá ti ń hó. Ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Iyọ̀ á fa omi jáde, ẹ ó rí i tó ń dárogún sínú àwo. Omi yẹn ni kí ẹ fi tísù tàbí aṣọ mímọ́ nù níhà gbogbo, títí tísù kò fi ní rin mọ́.

Ìwọ̀nba omi tó bá wá kù ni fùláwà wà fún. Ara ẹja tó tutù máa ń yọ̀, ẹyin kì í sì í dúró lórí ohun tó ń yọ̀. Fùláwà á mu omi yẹn, á di lẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́, ooru á sì mú lẹ́ẹ̀ náà dì mọ́ ẹran ẹja. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rèé, nítorí wọ́n rò pé bí fùláwà bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe mú tó. Fùláwà tó pọ̀ kì í rí omi mu kárí. Èyí tó kan ẹja á rin, èyí tó kan ẹyin á rin, àárín méjèèjì á ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ. Bí ìgbà tí ènìyàn fi àtè lẹ pósítà mọ́ ògiri eléruku ni: àtè di nǹkan mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ló dì mú, kì í ṣe ògiri. Ṣíbí ìjẹun 4 tó kún ti tó fún ègé 6, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò sì ṣẹ́ kù sínú àwo. Bí ẹ bá ti yí ègé kan tán, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbá a pẹ́pẹ́pẹ́, títí ẹ ó fi máa rí àwọ̀ ẹja lábẹ́ fùláwà.

Èèpo tó bá ti bó fúnra rẹ̀ lè sọ ẹni tó bó o. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun gbígbẹ níbẹ̀, fùláwà ló pọ̀ jù. Bí inú rẹ̀ bá ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, omi ni, yálà èyí tí ẹ kò nù tàbí èyí tí ìdín àdínjù fún jáde.

Ẹyin 2 ti tó fún iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ṣíbí omi kan. Ẹ lù ú títí funfun rẹ̀ kò fi ní fà mọ́, nítorí funfun tó bá ń fà á kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, á sì fi ojú kejì sílẹ̀ láìbò. Ẹ gbé ègé ẹja sókè kí ẹyin tó ṣẹ́ kù kán tán, kó tó bọ́ sínú èérún búrẹ́dì. Ọwọ́ kan fún ohun tó rin, ọwọ́ kejì fún ohun gbígbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka yín ni yóò gbé èèpo wọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ èérún náà mọ́ ọn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fúnra rẹ̀ kò kéré. Ìgbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé èèpo jó kí ẹja tó jinná, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé irú búrẹ́dì wo ni. Búrẹ́dì Agége dùn nítorí ṣúgà wà nínú rẹ̀, ṣúgà yẹn sì máa ń tètè pọ́n, kó tún tètè jó. Ẹni tó lo èérún rẹ̀ á rí èèpo tó ti pọ́n fòò, ẹ̀rù á bà á, á yọ ẹja tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Búrẹ́dì gígùn ti àwọn Faransé, èyí tí wọ́n ń jẹ ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, fùláwà, omi, ìwúkàrà àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èérún rẹ̀ máa ń fún ẹja láyè. Bó bá jẹ́ Agége nìkan lẹ ní, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ dín iná kù díẹ̀, kí ẹ sì gé ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Ẹ tẹ́ àwọn ègé náà sórí àwo láìjẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì, kí ẹ gbé wọn sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìsinmi yìí ló ń jẹ́ kí fùláwà ráyè mu omi tán, kí ẹyin sì wọ inú èérún. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí pé lẹ́yìn wákàtí kan èérún á ti rin, á ti di bí ẹ̀kọ.

Ohun tó ṣòro jù ló kàn báyìí. Aago méjì ló ń lọ nínú òróró kan náà. Àkọ́kọ́ ni ti èèpo: ẹyin máa ń dì nígbà tí ooru rẹ̀ bá wà láàárín dígírì 60 sí 80 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ẹyin tó wà lójú ẹja nínú òróró gbígbóná kì í sì í pẹ́ dé ibẹ̀. Èkejì ni ti ẹja: bí ooru bá ti wọ inú rẹ̀ kọjá 60 díẹ̀, ó ti jinná nìyẹn, láti ibẹ̀ lọ ló ti ń sún kì, tó ń fún omi ara rẹ̀ jáde. Èèpo gbọ́dọ̀ ti dì kí omi yẹn tó dé, a sì gbọ́dọ̀ ti yọ ẹja kí omi tó pọ̀.

Àwọn tó ń ṣe fíṣì fíńgà ti mọ èyí tipẹ́. Ìlú Gíréètì Yámọ́ọ̀tì, ní etíkun ìlà oòrùn Ẹ́ńgílándì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà níbẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sì ń jẹ ẹ́ títí dòní. Wọ́n á gé ẹja tó dì gbagidi sí ègé tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi èérún bò ó, wọ́n á sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì tún mú un padà sínú òtútù. Èèpo ti dì, ẹja kò tíì mọ̀ pé iná wà. Ẹni tó bá rà á ló ń se ẹja náà jinná nílé. Aago méjèèjì ni wọ́n pín níyà. Àwa tó ń dín in lẹ́ẹ̀kan náà kò lè pín in, àfi ká rìn láàárín wọn.

Òróró tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 nínú páànù ni kí ẹ lò, kí ó gbóná tó dígírì 180. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi wọn ooru, ẹ ju ègé búrẹ́dì kékeré tí kò ní ṣúgà sí i. Bó bá pọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, òróró ti tó. Bó bá ń mu òróró tó sì ń wò yín lásán, kò tíì tó: nínú irú òróró bẹ́ẹ̀ ẹyin kì í tètè dì, èérún á máa já lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí wọn ní ìsàlẹ̀ páànù. Ègé 3 ni kí ẹ fi sí i lẹ́ẹ̀kan, torí pé gbogbo mẹ́fà pọ̀ á mú òróró tutù.

Bí ẹ bá ti gbé e sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí ìṣẹ́jú kan ó tó pé, ẹyin tó wà lábẹ́ ṣì rọ̀, ṣíbí tó bá tì í ti ya á nìyẹn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí 2, etí rẹ̀ á ti pọ́n, á sì máa rìn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá mi páànù. Ìgbà náà ni kí ẹ yí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìhà kejì náà á gba tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí 2. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ fún ẹja tó nípọn bí èyí. Ẹ máa tẹ́tí sí ariwo òróró. Híhó tó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ omi èèpo tó ń jáde. Yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀ tán tó tún wá ń hó kíkankíkan ní etí kan, èèpo ti sán, omi ẹja ló ń jáde níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kíá.

Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 nítorí kó lè le dáadáa ló ń bó o fúnra rẹ̀. Ẹja á sún kì, èèpo kò ní bá a sún kì, àlàfo á wà láàárín wọn, oru omi á sì kún ibẹ̀. Nítorí náà, bí ègé bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ẹ má retí pé òróró nìkan á se é. Ẹ dín in títí á fi pọ́n, kí ẹ wá gbé e sínú ààrò gbígbóná kó jinná níbẹ̀. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 1, bí ìhà ẹja epìà, kò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, òróró rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbóná sí i díẹ̀, bíi 190, kí èèpo lè yára pọ́n.

Asẹ́ onírin ni kí ẹ kó o lé, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ìṣòro àwọn alásè òde ni kúlà: ẹja tó dára tí wọ́n kó sínú kúlà gbígbóná, tí wọ́n dé pa, á ti rin kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé iwájú àlejò, torí oru tó ń jáde lára ẹja kò ríbi lọ, èèpo ló padà ń mu ún. Bí òde bá jìnnà, ẹ nu ẹja gbẹ nílé, kí ẹ gbé e lọ nínú yìnyín, kí ẹ gbé fùláwà, ẹyin àti èérún lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì bò ó níbẹ̀ nígbà tí ó bá ku bí ìdajì wákàtí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ.