Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àfi tí ẹni tó ń júwe bá ṣì í lọ́nà

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ dísípáàshì tó ń gbé ọjà kiri ìgboro Ìbàdàn bóyá òótọ́ ni. Wọ́n á béèrè, a máa dá wọn lóhùn, wọ́n á sì tún ṣìnà. "Ẹ ṣáà máa bọ̀ tààrà, kò jìnnà mọ́." Tààrà síbo? Ẹni tó dúró síbi tí ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta, èwo ni tààrà tiẹ̀ níbẹ̀?

Lójú tèmi, ohun tó ń fa wàhálà yìí ni pé ilé wa la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àjúwe, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọlọ́jà dúró sí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Máàpù nìkan ò lè gbà wá. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ni ilé ò ti ní nọ́ńbà, òpópónà méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìlú kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá jókòó sínú yàrá tẹ́ ẹ fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ó lè gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí òpópónà ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ jáde síwájú géètì, kẹ́ ẹ wo iye mítà tó wà lábẹ́ "Send your current location". Tó bá ṣì ń sọ 100, ẹ ní sùúrù kó wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Akóbò bí àpẹẹrẹ. Ọmọ dísípáàshì pè yín: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wà ní Ojúrin o, mi ò rí ilé yín." Ẹ kọ́kọ́ ní kó páàkì, torí ẹni tó ń gun ọ̀kadà ò gbọdọ̀ máa gbọ́ fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Kí lẹ ń wò níwájú yín?" Tó bá ní ìyá alákàrà, ẹ ní kó wá nǹkan míì, torí alákàrà pọ̀ lójú títì. Tó bá ní ilé epo wà lọ́wọ́ òsì òun, ẹ ti mọ ibi tó wà nìyẹn, ẹ sì ti mọ ibi tó kọjú sí.

Ẹ wá sọ pé: "Bẹ́ ẹ ṣe kọjú yẹn, ẹ máa bọ̀. Ẹ máa ka ọ̀nà tó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ yà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tírásífọ́mà wà lẹ́nu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí mọ́sálásí, ẹ ti kọjá, ẹ ṣẹ́rí padà." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn la sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì ń gba èèyàn tó bá ti ṣi ọ̀nà yà. Ẹ ní kó tún àjúwe náà sọ fún yín kó tó ṣáná sí ọ̀kadà.

Tó bá tún pè lẹ́ẹ̀kejì pé òun ò rí i, ẹ má júwe mọ́. Ẹ ní kó dúró sójú títì, síwájú kẹ́míìsì tàbí ilé epo tí iná wà, kẹ́ ẹ lọ bá a níbẹ̀. Ẹ má ní kó wọ àdúgbò tó ṣókùnkùn wá lálẹ́. Bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń bà yín náà ni tiyín ń bà á, torí wọ́n máa ń tan àwọn ọlọ́kadà lọ sírú ibẹ̀ láti gba ọ̀kadà wọn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ orúkọ tó wà lára ẹrù àti ẹni tó rán an. Ẹ má kọ́kọ́ bi í pé "Ṣé ti Táyọ̀ lẹ gbé wá?" Ta ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ yẹ ẹrù wò kẹ́ ẹ tó fún un ní kóòdù ìgbàjà. Kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín ò kàn án rárá. Tó bá béèrè ìyẹn, ẹ padà sílé. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣe túránsífà, ẹ dúró kówó wọlé sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Àwòrán rìsíìtì ò tó, torí ayédèrú ẹ̀ ti pọ̀ jù nígboro. Tó bá jẹ́ àbúrò yín lẹ rán, ẹ sọ orúkọ àti àwọ̀ aṣọ ẹ̀ fún ọlọ́kadà, kẹ́ ẹ sì sọ nọ́ńbà ọ̀kadà fún àbúrò.

Oúnjẹ tó bá tutù, ẹ ṣì lè gbé e kaná. Epo tọ́mọkùnrin yẹn fi yí Akóbò po lẹ́ẹ̀mẹta, ta ló máa dá a padà fún un?